Ṣé lóòótọ́ làwọn obìnrin ò fẹ́ tiransifà? Fọ́ọ̀mù igba èèyàn àti pífọ́ọ̀tì tébù kan

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ mí lẹ́nu, àyè ni n ò rí láti jókòó kọ ọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ pín fọ́ọ̀mù fáwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n bi wọ́n pé ṣé kí ẹgbẹ́ máa gba owó oṣooṣù nípa tiransifà, dípò kí kálukú máa di owó mọ́ abẹ́ aṣọ wá sípàdé. Bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn 200 ló dáhùn. Nígbà tí èsì jáde, Bọ̀dá Akọ̀wé dìde nípàdé, wọ́n ní àwọn ọkùnrin fẹ́ ẹ, àwọn obìnrin ni ò fẹ́. Wọn ò tíì jókòó tán tí ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Jagun fi dá wọn dúró, wọ́n ní ọmọ àwọn ti bá àwọn wo fáìlì yẹn náà, nínú gbogbo àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ni, obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọkùnrin, ta wá ni ò fẹ́?

Bí ẹ bá mọ ìpàdé alájẹṣẹ́kù, ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ariwo náà rọlẹ̀, Alága ní kí wọ́n gbé fáìlì wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, kí n bá wọn wo ẹni tó jàre. Mo ka ti Akọ̀wé, nọ́ńbà wọn tọ́. Mo ka ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́, nọ́ńbà tiwọn náà tọ́. Kò sẹ́ni tó ṣi nǹkan kan kà nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ò lè jókòó sórí àga kan náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, torí tí nọ́ńbà méjì bá tọ́ tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà, á jẹ́ pé ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ló yàtọ̀.

## Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wẹ fáìlì yẹn ná

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí n tó dá sí ìjà ẹnikẹ́ni, mo ní láti mọ̀ bóyá fáìlì náà ṣeé gbára lé, torí pé àwọn ọmọdé mẹ́ta ni wọ́n ní kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù wọ̀ ọ́, kálukú wọn ló sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú. Kọ́lọ́ọ̀mù márùn-ún ló wà níbẹ̀: A jẹ́ nọ́ńbà fọ́ọ̀mù, B jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, C ni ọjọ́ orí, D ni ìdáhùn, E sì ni àlàyé tí kálukú bá fẹ́ ṣe.

Pífọ́ọ̀tì tébù ni tábìlì tí Excel fi máa ń kó dátà jọ ní ẹ̀yà ẹ̀yà, tó sì ń bá wa ka iye tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé òun fúnra ẹ̀ ni irinṣẹ́ tó dáa jù láti fi mọ ìdọ̀tí inú fáìlì. Ẹ má tíì ro ti ìdáhùn. Ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì kan nínú dátà yẹn, ẹ lọ sí Insert, ẹ yan PivotTable, ẹ gbà kó ṣí ṣíìtì tuntun, lẹ́yìn náà ẹ wọ́ kọ́lọ́ọ̀mù B sínú àpótí Rows, kí ẹ sì wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i sínú Values. Ẹ̀yà méjì péré ló yẹ kó jáde. Tèmi mú mẹ́fà jáde! Obìnrin tó ní àmì wà, Obinrin tí ò ní àmì wà, F wà, M wà, Ọkùnrin wà, Obìnrin míì tún wà tó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì ṣùgbọ́n tó dá dúró sí ìlà tiẹ̀. Àlàfo kan ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n Excel rí i. Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe wàhálà fún pífọ́ọ̀tì, á kó wọn pọ̀ sójú kan, àmọ́ àmì ohùn àti àlàfo ló máa ń ya àwọn nǹkan nípá. Fún àlàfo, fọ́múlà TRIM á ṣe é, fún ìyókù, Find and Replace ti tó.

Tí ẹ bá tún un ṣe tán nínú fáìlì, ẹ má retí pé pífọ́ọ̀tì á yí padà fúnra ẹ̀ o. Ẹ̀dà dátà tó kó pamọ́ nígbà tí ẹ kọ́ ọ ló ṣì ń kà. Ẹ ní láti tẹ Refresh, tàbí Alt+F5. Mo ti rí ẹni tó tún fáìlì ṣe látàárọ̀ dalẹ́ tó sì tẹ pífọ́ọ̀tì àná jáde fún ọ̀gá. Lẹ́yìn Refresh tèmi ku ìlà méjì, ọkùnrin 60, obìnrin 140, àròpọ̀ 200. Tí àròpọ̀ yẹn ò bá bá iye fọ́ọ̀mù tó wà nílẹ̀ mu, ẹ má lọ síwájú.

Ọjọ́ orí ló wá kù. Ẹnì kan kọ "62 ọdún" dípò 62, ẹlòmíì fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, àwọn kan ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan. Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ lójú ni pé Excel máa ń ti nọ́ńbà sápá ọ̀tún sẹ́ẹ̀lì, ó sì máa ń ti ọ̀rọ̀ sápá òsì, àyàfi tẹ́nì kan bá ti fọwọ́ yí i. Ẹ yọjú wo kọ́lọ́ọ̀mù C látòkè délẹ̀, èyí tó bá fẹ̀yìn ti òsì, òun ni. Àwọn tí ò kọ ọjọ́ orí wọn, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ la fi wá tiwọn.

## Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí: ibi tí ẹ gé e sí ṣe kókó

Ọ̀nà tó yá jù láti pín ọjọ́ orí ni kí ẹ wọ́ ọ sínú Rows, kí ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀kan nínú ọjọ́ orí yẹn, kí ẹ sì yan Group. Àpótí kékeré kan á jáde, á bi yín ní Starting at, Ending at àti By. Ẹ fi 18 síbẹ̀rẹ̀, ẹ fi 10 sí By, á pín in sí 18-27, 28-37, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá sọ fún yín pé "Cannot group that selection", ọ̀rọ̀ kan ṣì fara pamọ́ sáàárín àwọn nọ́ńbà yín nìyẹn, ẹ padà lọ wá a.

Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n n ò lò ó, ìdí méjì ló sì fà á. Àkọ́kọ́ ni pé ọgbọọgba ni Group máa ń gé e, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá tàbí ogún ogún, bẹ́ẹ̀ ayé àwọn èèyàn wa ò pín bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 20 àti ọmọ ọdún 33 tó ń ṣe òwò lórí fóònù, ìwà wọn lórí owó jọra. Ẹni tó ti lé ní 55 ti wà lọ́tọ̀. Èkejì ni pé tí ẹ bá gé e sí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀yà ọjọ́ orí á tó mẹ́fà, ẹ fi ọkùnrin àti obìnrin sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ tún fi bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, sẹ́ẹ̀lì 24 nìyẹn fún èèyàn 200. Ẹ máa rí sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló wà níbẹ̀, ẹ óò wá máa fi èèyàn méjì sọ̀rọ̀ ìdá ọgọ́rùn-ún.

Mẹ́ta ni mo pín in sí: 18-34, 35-54, àti 55 sókè. Mo kọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí H2 dé H4, ìyẹn 18, 35 àti 55, mo kọ orúkọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní I, mo wá fi fọ́múlà yìí sí F2, mo sì fà á délẹ̀:

```
=VLOOKUP(C2,$H$2:$I$4,2,TRUE)
```

TRUE ìparí yẹn ló ń sọ fún un pé kó wá nọ́ńbà tó tóbi jù tí ò tíì ju ọjọ́ orí ẹni náà lọ. Ẹni ọdún 41, á kọjá 18, á kọjá 35, kò ní dé 55, torí náà 35-54 ló máa bọ́ sí. Ó pọn dandan kí àwọn nọ́ńbà H lọ láti kékeré sí ńlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kàn máa pín èèyàn kiri. Sẹ́ẹ̀lì tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí tó ṣófo á mú #N/A jáde, èmi sì fẹ́ràn ìyẹn, torí kò jẹ́ kí ẹnì kankan sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí mo rọ̀ mọ́, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá máa wò mí: mo gé ọjọ́ orí kí n tó wo ìdáhùn. Tí ẹ bá kọ́kọ́ wo ìdáhùn tán, ọwọ́ yín á máa yún yín láti sún ààlà láti 55 sí 52 tàbí 58, títí èsì á fi dà bí ẹ ṣe fẹ́.

## Ẹnu kan náà, ìdá ọgọ́rùn-ún mẹ́ta

Ó wá ku ìjà. Mo wọ́ ọkùnrin/obìnrin sínú Rows, mo wọ́ Ìdáhùn sínú Columns, mo tún wọ́ Ìdáhùn kan náà sínú Values. Torí pé ọ̀rọ̀ ló wà nínú Ìdáhùn, Excel mọ̀ fúnra ẹ̀ pé kíkà ló kù, ó fi Count sí i. Ká ní ọjọ́ orí ni mo wọ́ síbẹ̀, á ṣe Sum, á ro ọjọ́ orí gbogbo èèyàn pọ̀, ẹ óò wá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú fáìlì èèyàn 200. Ẹ kàn lọ sí Summarize Values By, ẹ yan Count, tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Ohun tó jáde ni pé ọkùnrin 36 ní bẹ́ẹ̀ni, 24 ní bẹ́ẹ̀kọ́. Obìnrin 68 ní bẹ́ẹ̀ni, 72 ní bẹ́ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá wa jà lórí èyí. Ìjà bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún, ìyẹn inú Show Values As.

Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ohun tó wò bá % of Column Total mu. Níbẹ̀, gbogbo bẹ́ẹ̀ni ló di ọgọ́rùn-ún: nínú bẹ́ẹ̀ni 104, 68 jẹ́ obìnrin, ìdá 65 nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù kejì o: nínú bẹ́ẹ̀kọ́ 96, 72 jẹ́ obìnrin, ìdá 75! Tí ti àkọ́kọ́ bá fi hàn pé àwọn obìnrin fẹ́ ẹ ju ọkùnrin lọ, ti ìkejì á fi hàn pé wọ́n kọ̀ ọ́ ju ọkùnrin lọ. Ìdí ni pé 140 ni wọ́n nínú 200. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bi ẹgbẹ́ yẹn, kódà bó jẹ́ ta ló fẹ́ràn àmàlà, obìnrin ló ṣeé ṣe kó pọ̀ jù lápá méjèèjì.

Tí ẹ bá yan % of Grand Total, gbogbo èèyàn 200 ló di ọgọ́rùn-ún, obìnrin tó ní bẹ́ẹ̀ni á jẹ́ ìdá 34, ọkùnrin á jẹ́ 18. Àìsàn kan náà ló ń ṣe òun náà.

Akọ̀wé ní tiwọn lo % of Row Total. Ìlà kọ̀ọ̀kan di ọgọ́rùn-ún tiẹ̀: nínú ọkùnrin 60, ìdá 60 ní bẹ́ẹ̀ni, nínú obìnrin 140, ìdá 49 ni. Lójú tèmi, èyí nìkan ló ń dáhùn ìbéèrè pé obìnrin kan àti ọkùnrin kan, ta ló ṣeé ṣe kó gbà jù. Nítorí náà tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, mi ò bá ti ránṣẹ́ sí Alága pé Akọ̀wé jàre, kí n sì gba owó iṣẹ́ mi.

Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sórí Wọ́sáàpù tán. Mo wá rántí pé kọ́lọ́ọ̀mù F tí mo fi gbogbo ọ̀sán ṣe yẹn, n ò tíì lò ó.

## Ìgbà tí mo fà á lékè

Mo wọ́ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí sínú Rows. Ibi tí mo kọ́kọ́ jù ú sí ni abẹ́ ọkùnrin/obìnrin, gbogbo ọkùnrin wà lókè pẹ̀lú ọjọ́ orí mẹ́ta, gbogbo obìnrin wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta tiwọn. Bí mo ṣe ń wò ó, ojú mi ń sáré láti òkè sísàlẹ̀, n ò rí nǹkan kan mú. Mo wá fi máòsì fa ọjọ́ orí náà sókè nínú àpótí Rows, kó lékè ọkùnrin/obìnrin. Kò sí nọ́ńbà kankan tó yí padà, ipò wọn ló yí, ọkùnrin àti obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ wá jókòó ti ara wọn. Ohun tí mo rí nìyí:

| Ọjọ́ orí | | Bẹ́ẹ̀ni | Iye èèyàn | Ìdá bẹ́ẹ̀ni |
|---|---|---|---|---|
| 18-34 | Ọkùnrin | 24 | 30 | 80% |
| | Obìnrin | 17 | 20 | 85% |
| 35-54 | Ọkùnrin | 10 | 20 | 50% |
| | Obìnrin | 30 | 50 | 60% |
| 55 sókè | Ọkùnrin | 2 | 10 | 20% |
| | Obìnrin | 21 | 70 | 30% |

Ẹ fara balẹ̀ kà á. Láàárín àwọn ọ̀dọ́, obìnrin gbà ju ọkùnrin lọ. Láàárín àwọn tó wà láàárín, obìnrin gbà ju ọkùnrin lọ. Láàárín àwọn àgbà, obìnrin tún gbà ju ọkùnrin lọ. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó wọn pọ̀, ọkùnrin 60, obìnrin 49. Mo ro bẹ́ẹ̀ni yẹn pọ̀ lórí ìwé, 24 pẹ̀lú 10 pẹ̀lú 2, ó jẹ́ 36. 17 pẹ̀lú 30 pẹ̀lú 21, ó jẹ́ 68. Kò sí nǹkan tó sọnù. Mo pa ọ̀rọ̀ tí mo ti tẹ̀ sórí Wọ́sáàpù yẹn rẹ́.

## Níbo ni ìdá 49 yẹn ti wá?

Ẹ má wo ìdá ọgọ́rùn-ún mọ́, ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù iye èèyàn. Nínú obìnrin 140, 70 ti lé ní 55, ìdajì gééré. Nínú ọkùnrin 60, 30 jẹ́ ọ̀dọ́, ìdajì gééré náà. Àwọn àgbà ni ò fẹ́ tiransifà, ọkùnrin wọn obìnrin wọn, àwọn ọ̀dọ́ ló fẹ́ ẹ. Torí náà nígbà tí Akọ̀wé kó gbogbo obìnrin pọ̀, àwọn ìyá àgbà ló pọ̀ jù nínú àpò yẹn, wọ́n sì fa ìdá náà walẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ọkùnrin pọ̀, àwọn ọmọkùnrin ọ̀dọ́ ló gbé tiwọn sókè. Ohun tí wọ́n pè ní ọ̀rọ̀ akọ àti abo, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló wọṣọ ẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan wà tí ẹ lè fi dán an wò, kò sì ju pẹ́ńsù àti ìwé lọ. Ẹ bi ara yín pé ká ní ọjọ́ orí àwọn obìnrin wọ̀nyí pín bíi tàwọn ọkùnrin, èwo ni à bá rí? Nínú 60, ọ̀dọ́ á jẹ́ 30, àwọn àárín á jẹ́ 20, àgbà á jẹ́ 10. Ìdá 85 nínú 30 jẹ́ 25.5, ìdá 60 nínú 20 jẹ́ 12, ìdá 30 nínú 10 jẹ́ 3. Ẹ rò ó pọ̀, 40.5 nínú 60, ìdá 67.5 nìyẹn. Tàwọn ọkùnrin ṣì wà ní 60. Ìdá 49 yẹn á kàn fò sókè kọjá tọkùnrin láìjẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo yí ọkàn padà.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ nǹkan yìí tipẹ́. Udny Yule kọ̀wé lórí irú ẹ̀ ní 1903, Edward Simpson tún kọ tiẹ̀ ní 1951, orúkọ Simpson ló sì mọ́ ọn lára. Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lórí ẹ̀ ni ti Yunifásítì Berkeley l'Ámẹ́ríkà, lórí àwọn tó fẹ́ wọlé ní 1973: wọ́n gba ìdá 44 nínú ọkùnrin tó kọ̀wé wá, wọ́n gba ìdá 35 péré nínú obìnrin, gbogbo èèyàn ní wọ́n ń rẹ́ àwọn obìnrin jẹ. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ wá tú u sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1975, wọ́n rí i pé ẹ̀ka tó ṣòro wọ̀ fún gbogbo èèyàn ni obìnrin pọ̀ sí jù. Tiwọn ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tiwa ni ọjọ́ orí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ka ìlà Grand Total nìkan tó wá ń dájọ́ fún gbogbo obìnrin ilé.

Ṣé ìdá 49 yẹn wá jẹ́ irọ́? Rárá o. Tó bá jẹ́ pé ohun tí akápò fẹ́ mọ̀ ni iye èèyàn tó máa sanwó lórí fóònù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, 104 nínú 200 ni ìdáhùn, ọjọ́ orí ò kan ìyẹn. Ìgbà tí ẹnì kan bá lo nọ́ńbà yẹn láti sọ *ìdí*, láti ní torí pé wọ́n jẹ́ obìnrin ni, ibẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ní kó tú u wò.

## Ohun tí tábìlì yìí ò lè gbé

N ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé tábìlì mi náà lọ síbi tí kò mọ̀. Ẹ wo ìlà àwọn bàbá àgbà: 10 ni wọ́n, 2 ní bẹ́ẹ̀ni. Tí bàbá kan péré bá yí ọkàn padà, ìdá 20 á di 30, á sì bá tàwọn ìyá dọ́gba. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi iye èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún nígbà gbogbo. Kò le: ẹ wọ́ Ìdáhùn sínú Values lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bí Count, kí ẹ sọ ìkejì di % of Row Total. Ẹni tó bá gbé ìdá ọgọ́rùn-ún wá fún yín láìsọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀, ẹ bi í.

Nǹkan kejì ni bí wọ́n ṣe pín fọ́ọ̀mù. Ìpàdé ọ̀sán ni wọ́n ti pín in, àwọn ìyá tó ní ìsọ̀ lọ́jà nítòsí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ò lè wá lọ́sàn-án, ọmọbìnrin ọ̀dọ́ 20 péré ló bọ́ sọ́wọ́ wa. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ́. Pífọ́ọ̀tì ò lè tún ìyẹn ṣe, àwọn tó dáhùn nìkan ló lè kà, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n máa fi wé e.

Ọjọ́ orí náà, ṣé òun gan-an ni ìdí? Mo ṣe ohun kan tó jẹ́ pé bí ẹ ò bá mú nǹkan míì nínú gbogbo àlàyé mi, ẹ mú un. Mo sọ tábìlì náà padà sí Count, mo tẹ sẹ́ẹ̀lì 49 lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn àwọn ìyá tó lé ní 55 tó ní bẹ́ẹ̀kọ́. Excel ṣí ṣíìtì tuntun, ó kó ìlà àwọn 49 yẹn gan-an síbẹ̀, tàwọn ti àlàyé wọn. Mo wá ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn ò sọ pé àwọn kórìíra tiransifà. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọ àwọn ni fóònù tí álẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí wà, ọmọ náà wà ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, àwọn ò lè mọ ìgbà tówó lọ. Ọ̀kan kọ ọ́ pé nígbà tí owó wọ́n ní 2023, tí kò sówó lójú ọjà tí gbogbo wa ń fi tiransifà ra ata, oníbàárà kan fi àlẹ́ẹ̀tì èké ra èlùbọ́ lọ, látìgbà náà ni àwọn ti búra. Èyí ò jọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí mọ́, ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fóònù.

Ohun tí mo sì kọ ránṣẹ́ sí Alága kúrú: pé nínú fọ́ọ̀mù yìí, kò sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan tí obìnrin ti kọ tiransifà ju ọkùnrin lọ, pé àwọn tó lé ní 55 lápapọ̀ ló kọ̀ ọ́, àti pé kí wọ́n má tíì dìbò lórí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù tó ń bọ̀, "Ọwọ́ ta ni fóònù tí álẹ́ẹ̀tì yín ń wọlé sí wà?", kí wọ́n fi ìdáhùn méjì sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ ọ́ bó ṣe wù ú: ọwọ́ mi, tàbí ọwọ́ ẹlòmíì. Tó bá dé, abẹ́ ọjọ́ orí nínú Rows ni màá wọ́ ọ sí. Tí àwọn ìyá tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn bá gbà bíi tàwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n lọ ran àwọn tó kù lọ́wọ́ láti gba síìmù tiwọn. Tí wọn ò bá gbà, kí akápò ṣì máa mú ìwé rísíìtì ẹ̀ bọ̀ nípàdé. Bọ̀dá Akọ̀wé ní àwọn ti gbọ́, àwọn á sì ní kí wọ́n pín in lálẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.